Àwòṣe Ìṣègùn àti Àwòṣe Àwùjọ Nípa Àléébù Ara: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìíní

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa ń bi mí jù lẹ́yìn kíláàsì. Púpọ̀ nínú wọn ti há a sórí pé àwòṣe ìṣègùn burú, àwòṣe àwùjọ dára, ó parí. Kò parí o. Mo jẹ́ kí àwọn ìdáhùn kan gùn torí pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, mo sì gé àwọn mìíràn kúrú.

Kí ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì gan-an?

Ibi tí wọ́n ti ń wá ohun tó fa ìnira ni wọ́n ti yapa. Ẹ jẹ́ ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ń lo kẹ̀kẹ́ arọ (orúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí nìyẹn, ẹ má bínú sí mi), ilé ìkàwé sì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó dé ìdí àtẹ̀gùn, ó dúró. Kí ló dá a dúró? Ẹni tó ń fi ojú àwòṣe ìṣègùn wò ó á ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ni: eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti fara pa, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi lè gòkè. Ẹni tó ń fi ojú àwòṣe àwùjọ wò ó á ní àtẹ̀gùn ni: àwọn tó kọ́lé yẹn mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń fẹsẹ̀ rìn, síbẹ̀ wọn kò ro ti àwọn tí kì í fẹsẹ̀ rìn mọ́ ọn.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ kò ṣiṣẹ́, òótọ́ sì ni pé àtẹ̀gùn nìkan ni wọ́n ṣe síbẹ̀. Àríyànjiyàn tó wà ni pé èwo nínú òótọ́ méjì yìí la máa pè ní ìṣòro, nítorí èyí tí a bá pè ní ìṣòro la máa náwó lé lórí. Ìdáhùn àkọ́kọ́ rán wa lọ sọ́dọ̀ dókítà, ìkejì rán wa lọ sọ́dọ̀ bíríkìlà.

Kí ló dé tí olùkọ́ wa fi ń tẹnu mọ́ ìyàtọ̀ àárín "àléébù ara" àti "ìdíwọ́"?

Bí ẹ bá pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, kò sí àwòṣe àwùjọ mọ́. Àléébù ara ni ohun tó ń ṣe ẹ̀yà ara fúnra rẹ̀: apá tí kò sí, etí tí kò gbọ́ràn, ojú tí kò ríran dáadáa. Ìdíwọ́ ni ohun tí ètò àwùjọ gbé lé onítọ̀hún lórí nítorí pé wọn kò kà á kún nígbà tí wọ́n ń ṣètò. Etí dídi jẹ́ àléébù. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sójú pátákó, tí kò sì sí ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè adití, ìdíwọ́ nìyẹn.

Ìwé kékeré kan tí UPIAS, ẹgbẹ́ àwọn tó ní àléébù ara ní Bìrìtéènì, gbé jáde ní ọdún 1976 ló kọ́kọ́ fa ìlà yìí gbọnrangandan. Wọ́n ní àwùjọ ló ń dí àwọn tó ní àléébù ara lọ́wọ́, àti pé ìdíwọ́ yìí jẹ́ àfikún lórí àléébù tó ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ "àfikún" yẹn ṣe pàtàkì, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń fò ó. Ẹgbẹ́ náà kò sọ pé àléébù kò sí. Ohun tí wọ́n sọ ni pé wàhálà méjì ló wà, ìkejì kò sì ti ara wá.

Ta ló dá àwòṣe àwùjọ sílẹ̀?

Kì í ṣe ẹnì kan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972, Paul Hunt, tí òun fúnra rẹ̀ ti gbé ilé ìtọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn kan ní Bìrìtéènì. Ó ní kí àwọn tó ní àléébù ara kóra jọ, kí wọ́n yé jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn máa pinnu ibi tí wọn yóò gbé àti bí wọn yóò ṣe gbé e. Láti inú lẹ́tà yẹn ni UPIAS ti jáde. Ẹnì kan tó di òpó nínú rẹ̀ ni Vic Finkelstein, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti fi sẹ́wọ̀n kó tó sá wá sí Ìlú Ọba. Ẹni tó ti rí bí òfin ṣe ń ya èèyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀, kò ní ṣòro fún un láti rí i nígbà tí ilé àti ọkọ̀ bá ń ṣe irú rẹ̀.

Orúkọ náà, "àwòṣe àwùjọ", Mike Oliver ló fún un nínú ìwé kan tó jáde ní 1983 fún àwọn òṣìṣẹ́ àánú àwùjọ. Olùkọ́ yunifásítì ni nígbà ayé rẹ̀, ó sì lo kẹ̀kẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì dà bí afẹ́fẹ́ lójú mi. Ibo ni mo ti lè rí i lójú ayé?

Nínú fọ́ọ̀mù. Mi ò mọ ibòmíràn tó ti hàn kedere tó bẹ́ẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1980, ọ́fíìsì ìjọba tó ń ka èèyàn ní Bìrìtéènì ṣe ìwádìí ńlá láti mọ iye àwọn aláàbọ̀ ara tó wà nílùú. Àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú ìwé ìbéèrè. Ní 1990, Oliver mú díẹ̀ lára àwọn ìbéèrè yẹn, ó sì tún wọn kọ. Mo tú wọn sí Yorùbá báyìí.

Ìwé ìjọba bèèrè pé, "Ṣé ẹ lè sọ ohun tó ń ṣe yín fún mi?" Oliver kọ ọ́ pé, "Ṣé ẹ lè sọ ohun tó ń ṣe àwùjọ fún mi?"

Ìwé ìjọba bèèrè pé, "Àìlera wo ló ń jẹ́ kó nira fún yín láti di nǹkan mú tàbí láti yí nǹkan?" Oliver kọ ọ́ pé, "Àbùkù wo ló wà lára àwọn ohun èlò ojoojúmọ́, bí ìgò àti agolo, tó ń jẹ́ kó nira fún yín láti dì wọ́n mú tàbí láti yí wọn?"

Ìwé ìjọba bèèrè bóyá àìlera onítọ̀hún ni kò jẹ́ kó rọrùn fún un láti wọ bọ́ọ̀sì. Oliver bèèrè bóyá àwọn bọ́ọ̀sì tí wọn kò ṣe dáadáa ni kò jẹ́ kó rọrùn fún ẹni tó ní irú àìlera yẹn láti wọ̀ wọ́n.

Ẹ padà sórí ti ìgò yẹn. Obìnrin kan ní làkúrègbé nínú oríkèé ìka. Ó gbé ìgò kan, ó fi aṣọ nù ún kó má baà yọ̀, ó dì í mú, ó yí ìdérí, ìdérí kò mira. Bí ìbéèrè àkọ́kọ́ bá bá a níbẹ̀, ohun tí yóò wọnú ìwé ni "làkúrègbé". Bí ìkejì bá bá a, ohun tí yóò wọlé ni "ìdérí tó le jù, tó tún kéré jù lọ́wọ́". Ọwọ́ kan náà, ìgò kan náà, ọjọ́ kan náà. Nígbà tí wọ́n bá ro ìdáhùn gbogbo èèyàn pọ̀, ìwé àkọ́kọ́ yóò fún ìjọba ní àkójọ àìsàn, ìkejì yóò fún un ní àkójọ ìgò, bọ́ọ̀sì àti ilé tó nílò àtúnṣe. Mínísítà tó gba àkójọ àìsàn kò ní ronú kan ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìdérí.

Oliver tún sọ ohun kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Ó ní ẹ wo bí ìbẹ̀wò yẹn fúnra rẹ̀ ṣe rí: òṣìṣẹ́ ìjọba dé, ó jókòó bí ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni tí wọ́n ń bi léèrè dá wà nínú ilé rẹ̀. Ìbéèrè lórí ìbéèrè, gbogbo wọn ń tọ́ka sí ara rẹ̀. Nígbà tí àlejò bá fi máa dìde, onílé á ti gbà pé ara òun ló fa gbogbo ìyà òun. Ìwé ìbéèrè náà kò kàn wọn nǹkan, ó ń kọ́ èèyàn ní ohun tó yẹ kó rò nípa ara rẹ̀.

Ṣé ìbéèrè Oliver náà kò darí èèyàn síbi tó fẹ́?

Ó darí wọn, kò sì fi pamọ́. Ohun tó fẹ́ kí a rí ni pé ti ìjọba náà ń darí, àmọ́ ó ti mọ́ wa lójú débi pé a kò rí i mọ́. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìkànìyàn ń lo ìbéèrè mẹ́fà tí ẹgbẹ́ Washington ṣe, ìyẹn ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣètò bí a ṣe ń ka àwọn aláàbọ̀ ara. Wọ́n ń béèrè nípa ìríran, ìgbọ́ràn, ìrìn, ìrántí, ìtọ́jú ara ẹni àti bíbá èèyàn sọ̀rọ̀, bíi: "Ṣé ó máa ń nira fún yín láti ríran, kódà tí ẹ bá wọ awò?" Ìdáhùn mẹ́rin ló wà, láti orí "kò nira" títí dé "mi ò lè ṣe é rárá". Ìbéèrè yìí kò dárúkọ àìsàn, kò sì dárúkọ àwùjọ. Ó wúlò fún kíkà, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tó yẹ kí a tún ṣe fún yín.

Ẹ bá wa ṣe àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó dáa. Ẹ padà sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń lo kẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbé e kúrò ní ilé ìkàwé lọ sí gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, níbi tí àtẹ̀gùn mẹ́rin wà lẹ́nu ọ̀nà, tí gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15.

Bí àwọn aláṣẹ bá fi ojú àwòṣe ìṣègùn wò ó, wọn yóò ní kó mú ìwé wá láti ilé ìwòsàn. Dókítà yóò kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí eegun ẹ̀yìn rẹ̀, wọn yóò yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọn yóò sì ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa bá a kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ṣàánú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sí ohun tó yí padà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Bí ẹlòmíràn tó ń lo kẹ̀kẹ́ bá dé lọ́dún tó ń bọ̀, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé ilé ìwòsàn.

Bí wọ́n bá fi ojú àwòṣe àwùjọ wò ó, wọn yóò mú téèpù ìwọ̀n. Àtẹ̀gùn mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 15 lọ́nà mẹ́rin, gíga rẹ̀ jẹ́ 60. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ìlànà ìkọ́lé gbà fún ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni pé fún sẹ̀ǹtímítà 1 tí ẹ bá gòkè, kí ẹ fi ó kéré tán 12 lọ síwájú. Ìlọ́po 12 ti 60 jẹ́ 720, ìyẹn mítà 7.2. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń rẹ́ èèyàn jẹ. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n da sìmẹ́ǹtì mítà 2 síwájú irú ẹnu ọ̀nà yìí, tí wọ́n sì ya àmì kẹ̀kẹ́ sára ògiri. Ẹni tó bá gbìyànjú àtifi ọwọ́ ara rẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ gun ibẹ̀ lè dojú dé sẹ́yìn. Àmì ara ògiri kọ́ ni ẹ ó fi mọ̀ bóyá ilé kan ṣí sílẹ̀. Ohun tí ẹ ó wò ni bóyá onítọ̀hún lè wọlé láìpe ẹnikẹ́ni, láti ẹnu ọ̀nà kan náà tí àwọn yòókù ń gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n ṣe mítà 7.2 náà pé. Akẹ́kọ̀ọ́ wa wọlé, ó bá gbogbo àga tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí kẹ̀kẹ́ gbà ni iwájú pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyẹn náà jẹ́ ìdíwọ́, kò sì ní kí dókítà wá. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta ìjókòó, ẹ̀yìn ń ro ó, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà, ó sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí ìjókòó pípẹ́ má dá egbò sí i nídìí. Kò sí bíríkìlà tó lè yanjú ìyẹn. Nọ́ọ̀sì, tìmùtìmù tó dára àti oògùn ló kàn. Àmọ́ tí wọ́n bá yí àkókò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ padà kó má baà jókòó wákàtí mẹ́ta láìsinmi, àwùjọ tún ti bá ara pàdé níbẹ̀. Nínú irú ibi báyìí ni ẹ ó ti rí i pé ìlà tí UPIAS fà kì í fìgbà gbogbo gún régé.

Ṣé àwòṣe àwùjọ ní kí a má lọ sí ilé ìwòsàn ni?

Rárá. Oliver fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn kí wọ́n máa pe àwòṣe tó ń ta ko ti àwùjọ ní "ti ìṣègùn". Orúkọ tí òun ń pè é ni àwòṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí pé ohun tó ń bá jà ni èrò pé ìṣòro náà jẹ́ ti ẹni tó ń jìyà nìkan. Ìṣègùn jẹ́ apá kan lára èrò yẹn. Apá mìíràn ni àánú, èyí tó máa ń jẹ́ kí ìròyìn sọ ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ di akọni torí pé ó lọ sí ibi iṣẹ́.

Dókítà tó ń tọ́jú egbò ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà tí wọ́n ní kó wá sọ bóyá èèyàn yẹ lẹ́ni tó lè gbé ilé tirẹ̀, tàbí ilé ìwé tó yẹ kó lọ, ìyẹn ni àwọn tó gba àwòṣe àwùjọ gbọ́ ń bá a fà. Kí ẹ má kọ ọ́ sínú ìdánwò pé "àwòṣe ìṣègùn ni àwọn dókítà", ẹ jọ̀ọ́.

Ìtàn abúlé Finkelstein tí wọ́n mẹ́nu bà ní kíláàsì, kí ni?

Ní ọdún 1975, ó ní kí a fojú inú wo abúlé kan tí gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń lo kẹ̀kẹ́, tí àwọn náà ló sì ń ṣàkóso rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń dúró, wọ́n kọ́ ilẹ̀kùn àti àjà ilé kúkúrú. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ wá ń gbé láàárín wọn. Orí wọn ń gbá ilẹ̀kùn, iwájú orí wọn wú. Àwọn dókítà abúlé yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n kọ ìwé lórí àìsàn wọn, wọ́n sì fún wọn ní àkẹtẹ̀ líle tí wọn yóò máa dé. Wọn kò ríṣẹ́ ṣe. Ẹgbẹ́ aláàánú wá dìde láti máa tọrọ owó fún wọn, àkẹtẹ̀ kan náà ni wọ́n sì dojú rẹ̀ sókè sí ilé ìtajà kí àwọn èèyàn máa sọ owó sí i. Lọ́jọ́ kan àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn jókòó, wọ́n bi ara wọn pé ṣé orí wa ni wàhálà ni, àbí ilẹ̀kùn?

Mo gba yín níyànjú kí ẹ lò ó, àmọ́ ẹ rántí ibi tó mọ: gíga kì í dunni. Ìtàn náà mú àpẹẹrẹ tí àléébù rẹ̀ kò ní ìrora nínú.

Kí ni àwọn alátakò sọ?

Èyí tó lágbára jù lọ ti inú ilé wá. Jenny Morris ní 1991 àti Liz Crow ní 1996, tí àwọn méjèèjì jẹ́ aláàbọ̀ ara tí wọ́n sì gba àwòṣe àwùjọ gbọ́, kọ̀wé pé ẹgbẹ́ náà ti sọ ìrora àti àárẹ̀ di ohun tí a kì í sọ síta. Crow ní àwòṣe yìí tú òun sílẹ̀, síbẹ̀ ìrora àti àárẹ̀ òun kò ní tán bí gbogbo àtẹ̀gùn ayé bá di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní 2002, Tom Shakespeare àti Nicholas Watson lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀: wọ́n ní kò ṣeé ṣe láti ya ara àti àwùjọ sọ́tọ̀ bí UPIAS ṣe yà wọ́n, àti pé ìgbà àwòṣe náà ti kọjá.

Ohun tí Oliver fi dáhùn ni pé òun kò pè é ní tíọ́rì rí. Ó ní irinṣẹ́ ni, ó dà bí òòlù, kí ẹ gbé e kí ẹ fi ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, ìdáhùn yẹn gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ Shakespeare, kò gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ Crow. Ẹni tí ara ń ro kò bèèrè tíọ́rì, ó ní kí wọ́n gba òun láyè láti sọ ọ́.

Èwo ni òfin àgbáyé ń lò?

Àpapọ̀. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2006 sọ pé ìdíwọ́ máa ń jáde nígbà tí àléébù ara bá pàdé ohun tó dínà ní àwùjọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà, tí ìlànà rẹ̀ ti 1980 ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àìsàn, yí i padà ní 2001 láti fi àyíká kún un. Bí ẹ bá kọ pé àdéhùn 2006 "jẹ́ àwòṣe àwùjọ", máàkì á jábọ́. Ẹ kọ pé ó yá púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wo ni ká máa lò ní Yorùbá?

"Aláàbọ̀ ara" ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ, èmi náà sì ti lò ó lókè. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ń wí: ara onítọ̀hún kò pé. Àwòṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan ló wà nínú orúkọ yẹn. "Akanda ẹ̀dá" gbé e kúrò níbẹ̀, ó wá gbé e sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá. Bíríkìlà kò sí níbẹ̀ náà. "Ẹni tó ní ìpèníjà ara" rọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ara ṣì ni. Ohun tí UPIAS ní lọ́kàn sún mọ́ "ẹni tí wọ́n dí lọ́wọ́", torí pé ó jẹ́ kí a béèrè ẹni tó díni. Mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni lójú pópó. Nínú iṣẹ́ yín, ẹ mú èyí tí ẹ bá fẹ́, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan ṣàlàyé rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè dán ara mi wò kí ìdánwò tó dé?

Ẹ wá fọ́ọ̀mù kan tí ẹ ti kọ rí, kí ẹ ṣe é bí Oliver ti ṣe. Ká ní ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Ṣé o ní àìlera kankan tí kò ní jẹ́ kí o lè ṣe ìdánwò bí àwọn yòókù?" Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sábà máa ń jẹ́, "Ṣé o nílò ìrànlọ́wọ́ nígbà ìdánwò?" Ó rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ara akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣì ń tọ́ka sí. Ẹ gbìyànjú èyí: "Kí ni nínú bí a ṣe ṣètò ìdánwò yìí, bóyá ìwọ̀n lẹ́tà, gígùn àkókò tàbí yàrá, ni kò ní jẹ́ kí o lè fi ohun tí o mọ̀ hàn?" Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹnì kan tí ìbéèrè tuntun yẹn kò ní ráyè gbọ́ tirẹ̀, irú ẹni tí orí fífọ́ máa ń dá dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ kọ ìbéèrè kejì fún un.